Bí mo ṣe sọ 14 di 21 lórí afíìṣì ìgbéyàwó, fóònù lásán ni mo lò

Tàǹtí mi kan níbí ní Kétu ilẹ̀ Bénẹ̀ ló pè mí, oṣù Dìsẹ́ńbà 2024 ti wọlé tán, ó ní ọmọ mi, wọ́n ti sún ìgbéyàwó àbúrò rẹ o, kì í ṣe Sátidé 14 mọ́, Sátidé 21 ni, a ò sì ṣe é nínú gbọ̀ngàn mọ́, ìta ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ̀nà la ó ti na tẹ́ǹtì, wá bá mi tún afíìṣì yẹn ṣe. Mo ní kò sí wàhálà Tàǹtí, ẹ ní kí ẹni tó ṣe é fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan ní Àjàṣẹ́ ló ṣe é, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú, fáìlì ti bá a lọ, fótò afíìṣì náà nìkan ló kù lọ́wọ́ àwọn. Ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ àwòrán, o ò lè tẹ̀ ẹ́ kóo yí i padà, o ní láti pa á rẹ́ kóo tó kọ òmíràn síbẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé mi ò ní kọ̀ǹpútà o. Android kékeré kan ni mo fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ mi, mẹ́mórì rẹ̀ ò tó nǹkan, áàpù ọ̀fẹ́ ló wà lórí rẹ̀. Èyí tí mo máa ń fi kọ ọ̀rọ̀ sórí fótò, àwòrán méjì péré ló ń gbà kóo gbé lé orí fótò rẹ, àti ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, tóo bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n á ní kóo sanwó. Mo tún ní Snapseed ti Google, ọ̀fẹ́ ni, ó dáa púpọ̀ fún pípa àbàwọ́n rẹ́ àti títún àwọ̀ ṣe, àmọ́ kì í ṣe áàpù tóo máa to lẹ́yà, ìyẹn ìpele àwòrán tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, léra bíi ti kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo ní nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣe, ó sì kó mi sí gbèsè. Afíìṣì náà jẹ́ àwọ̀ àlùkò, òkè rẹ̀ dúdú, ó wá ń ṣí díẹ̀díẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ funfun bíi wàrà. Mo fi irinṣẹ́ tó ń mú àwọ̀ mú àwọ̀ àlùkò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ 14, mo ya àpótí kan bo 14 mọ́lẹ̀, mo kọ 21 lé e, mo ṣe ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ayẹyẹ bákan náà. Alẹ́ ni o, mo ti tẹ iná fóònù rẹ̀lẹ̀ kí bátìrì má bàa tán. Ó dáa lójú mi. Mo fi ránṣẹ́, Tàǹtí ní kí wọ́n tẹ ogún síta fún àwọn àgbà tí kì í wo fóònù, owó ẹyọ kan 200 sẹ́fà. Ìgbà tí ìwé dé, háà, àpótí méjèèjì hàn ketekete bí àbùlẹ̀ lára ṣòkòtò! Òkè àpótí náà mọ́lẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dúdú ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. 4000 sẹ́fà wọ gbó. Tàǹtí ò bú mi, wọ́n kàn ní "ẹ̀n-ẹ́n, báyìí náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é?" èyí tó burú ju èébú lọ.

Mo wá jókòó ronú sí i. Àwọ̀ tó ń ṣí láti òkè wá sísàlẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ kan, ó lé ní ọgọ́rùn-ún àwọ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Àpótí aláwọ̀ kan ò lè bá a mu láéláé, àárín àpótí nìkan ló máa bá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Àmọ́ tóo bá tẹ̀lé ìlà kan láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, àwọ̀ ò yí padà rárá. Ìyẹn ló ṣí mi lójú. Ohunkóhun tí mo bá gé lára afíìṣì náà fúnra rẹ̀, tí mo bá sún un sí òsì tàbí sí ọ̀tún nìkan, tí mi ò gbé e sókè, tí mi ò gbé e sísàlẹ̀, ibi tó bá bọ́ sí ló máa bá mu.

Ẹ wá wo ìlà ọjọ́ náà: Samedi 14 décembre 2024. Mo fẹ́ kọ 21. Ṣé ẹ rí i? 2 wà lára 2024. 1 wà lára 14. Méjèèjì wà lórí ìlà kan náà, fọ́ǹtì kan náà, ìwọ̀n kan náà, ẹ̀yìn wọn sì ní àwọ̀ tí mò ń wá gan-an. Mi ò nílò láti wá fọ́ǹtì kankan. Èmi tí mo ti fi wákàtí méjì wo oríṣiríṣi fọ́ǹtì lálẹ́ àná, orí ara mi ni mo fẹ́ gbá.

Kí n tó fọwọ́ kàn án, mo kọ́kọ́ béèrè ojúlówó fótò náà. Èyí tí Tàǹtí fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp bí wọ́n ṣe ń fi fótò ránṣẹ́, ti dínkù, gígùn rẹ̀ kò ju 1600 píksẹ́lì lọ. Mo ní kí wọ́n bá mi fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì láti fóònù ẹni tó kọ́kọ́ gbà á láti Àjàṣẹ́, èyí tó dé wá jẹ́ 2480 × 3508, ìwọ̀n A4 tó ṣeé tẹ̀ nìyẹn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò kéré. Nínú fótò tó ti dínkù yẹn, etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìdọ̀tí kéékèèké yí ká bí ẹni pé eruku lẹ̀ mọ́ ọn, JPEG, irú fáìlì tí fótò sábà máa ń jẹ́, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá fún un pa, tóo bá sì fẹ́ mú àwọ̀ tàbí gé nǹkan nítòsí lẹ́tà, ìdọ̀tí yẹn lo máa bá mú.

Mo ṣí fótò náà, mo gé 2 jáde kúrò lára 2024, mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mo rọra ṣe é kí ó má bàa mú etí 0 tó tẹ̀lé e dání. Mo tọ́jú rẹ̀ bíi PNG, nítorí JPEG máa ń jẹ lára àwòrán nígbàkúgbà tóo bá tún un tọ́jú, PNG kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún gé 1 kúrò lára 14. Èyí ṣe pàtàkì o, mo gé 1 kí n tó bo ohunkóhun, torí tí mo bá ti gbé 2 lé e lórí tí mo sì ti tọ́jú rẹ̀, 1 ti lọ nìyẹn.

Ibi tó ti fẹ́ dà rú ni pé nígbà tí mo gbé 2 yẹn wọ inú áàpù, ńṣe ló tóbi gbàràgàdà, ó gba ìdajì ojú fóònù. Àwọn áàpù kékeré yìí kì í bìkítà nípa iye píksẹ́lì tí nǹkan ní, wọ́n á kàn fẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa bá ojú fóònù mu. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ìwọ̀n tó yẹ kó jẹ́? Mo ti fojú wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń yí. Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo gbé 2 náà padà sí orí ibi tí mo ti gé e, lórí 2024, mo wá dín ìríran rẹ̀ kù sí ìdajì, kí n lè máa rí tìsàlẹ̀. Tí ìwọ̀n ò bá tíì pé, wàá rí 2 méjì bí ẹni tó mutí yó. Mo ń fún un pọ̀, mo ń sún un, títí méjèèjì fi di ọ̀kan. Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìwọ̀n ti pé, gíga rẹ̀ náà sì ti pé. Mo dá a padà kó hàn dáadáa, mo wá ń sún un lọ sí òsì pẹ̀lú ọfà kéékèèké tó wà nínú áàpù náà, òsì nìkan, mi ò fi ìka fà á torí ìka kì í lọ tààrà. Ó bọ́ sórí 1 tó wà nínú 14. Kí 2 tó bo 1 yẹn, mo ti kọ́kọ́ ṣe 1 bákan náà lórí ibi tó ti wá, ọ̀tún ni mo sún tòun sí, ó bọ́ sórí 4. Àwòrán méjì tí áàpù gbà mí láyè ti pé. 21 dúró níbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Kẹ́ ẹ má rò pé gbogbo fọ́ǹtì ló máa gbà bẹ́ẹ̀. Nínú fọ́ǹtì kan, 1 tẹ́ẹ́rẹ́, àyè rẹ̀ kéré ju ti 4 lọ, tóo bá gbé e sórí 4, apá 4 á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àlàfo kan wà níbẹ̀ bí eyín tó yọ. Bí mo ṣe mọ̀ pé tiwa dáa ni pé nọ́ńbà fóònù méjì wà nísàlẹ̀ afíìṣì náà, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì tò lórí ara wọn gẹ́lẹ́, 1 wà lábẹ́ 9, kò sí èyí tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni pé àyè nọ́ńbà fẹ̀ bákan náà. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa kọ́kọ́ bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ ná kí n tó gbé 1 lé e.

Ọ̀rọ̀ ibi ayẹyẹ ló wá kù, òun ló le jù. Ìlà náà gùn, orúkọ gbọ̀ngàn náà gba nǹkan bí 1680 píksẹ́lì nínú 2480, ó kàn ku nǹkan bí 400 lófìfo ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo dán irinṣẹ́ ìpàbàwọ́n Snapseed wò lórí rẹ̀, èyí tóo máa fi ìka pa nǹkan tó sì máa fi ohun tó wà nítòsí dí i. Fún kókó ojú tàbí ẹyọ kọ́mà kan, kò lẹ́gbẹ́. Fún odidi ìlà ọ̀rọ̀, ó dọ̀tí, ó lọ mú ìdajì lẹ́tà láti ìlà òkè wá síbẹ̀. Mo dá a padà.

Ọgbọ́n òsì-sí-ọ̀tún yẹn náà ni mo tún lò. Mo gé ibi òfìfo tó wà lápá òsì, ní gíga ìlà ọ̀rọ̀ náà gan-an pẹ̀lú àfikún díẹ̀, 400 níbùú, mo wá gbé e lé orí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Àyè méjì ti tán. Mo tọ́jú rẹ̀ bíi PNG, mo tún un ṣí. Àmọ́ ní báyìí òfìfo tí mo ní lápá òsì ti di 1200, mo wá gé gbogbo 1200 yẹn lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e bo ìyókù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tọ́jú, dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Òfìfo ò ní nọ́ńbà tóo máa fi wọ̀n ọ́n, àmọ́ òun náà ní àmì tiẹ̀: tó bá ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ jù, wàá rí etí rẹ̀, tó bá ti bọ́ sí ipò, etí rẹ̀ á kàn pòórá lójú rẹ. Tí áàpù tìrẹ bá ń jẹ́ kóo fa nǹkan gùn níbùú nìkan, ẹyọ kan ti tó, fà á kó bo gbogbo rẹ̀, kò ní ba àwọ̀ jẹ́ torí níbùú kò sí àyípadà. Tèmi ò gbà.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí nípa PNG ni pé ohun tí lẹ́yà ń ṣe fún àwọn tó ní kọ̀ǹpútà, fáìlì ló ń ṣe é fún èmi. Mo ní èyí tí 21 ti wà lórí rẹ̀, mo ní èyí tí mo pa ọ̀rọ̀ ibi ayẹyẹ rẹ́ nínú rẹ̀, mo ní èyí tí ọ̀rọ̀ tuntun wà lórí rẹ̀, mo sì fún wọn ní orúkọ, afiisi1, afiisi2, afiisi3. Tí nǹkan bá bàjẹ́ ní ìpele kẹta, ìkejì ni mò ń padà sí. Ìgbà kan rí tí mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, ìpolówó kan já lu áàpù náà, ó tì, iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Kẹ́ ẹ sì máa wo ìwọ̀n fáìlì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọ́jú rẹ̀ o. Áàpù mìíràn á gba 2480 níbùú lọ́wọ́ rẹ á dá 1080 padà fún ẹ láìsọ̀rọ̀, ó wà nínú ètò ìtọ́jú rẹ̀ ibi tóo ti lè yàn án, àmọ́ ẹni tí kò wò kò ní mọ̀.

Ó wá ku kíkọ: Ìta Àkàbà Ìdẹ̀nà, Kétu. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú fọ́ǹtì tó jọ ti afíìṣì náà jù nínú áàpù, ó dáa títí ó fi kan ẹ̀. Ẹ̀ yẹn tínrín, ó dúró bí àlejò láàárín àwọn lẹ́tà tó sanra, àmì orí rẹ̀ sì ti fò lọ sórí n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé fọ́ǹtì náà kò ní ẹ nínú, fóònù wá yá a láti inú fọ́ǹtì tirẹ̀ láìbéèrè. Àti pé ẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà kan lójú fóònù, ẹ jẹ́ ọ̀kan, àmì ohùn orí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lọ́tọ̀, fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé àmì náà sí. Fọ́ǹtì aláràbarà tó wà lọ́fẹ́ẹ̀, Faransé àti Òyìnbó ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é, é àti è kò ní dà wọ́n láàmú, ẹ̀ ló máa tú wọn fó. Àwọn tó kọ́ ìwé kíkà ní ọ̀nà ti Bénẹ̀ tiwa níbí, tí wọ́n ń kọ ɛ àti ɔ, ìyà kan náà ló ń jẹ wọ́n.

Mo gbìyànjú láti kọ e lásán kí n wá fi àmì ìdánudúró kan ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ìlà kékeré kan ṣe orí rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni áàpù gbà, àmì méjì á gba ìtọ́jú méjì, ó sú mi. Mo lọ wa Noto Sans, èyí tó sanra, ọ̀fẹ́ ni, Charis SIL àti Andika náà wà lọ́fẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ní ẹ ọ ṣ ɛ ɔ pẹ̀lú àmì wọn. Fáìlì .ttf ni, mo tún wa PixelLab, áàpù mìíràn tó máa ń gbà á wọlé, òun ni mo fi kọ ìlà yìí. Kí n tó lo fọ́ǹtì kankan nísinsìnyí, mo máa ń kọ ìlà kékeré yìí wò, tí ohunkóhun bá yí padà lójú mi, mo sọ ọ́ nù:

```
ẹ̀ ọ́ ṣ Ẹ̀ Ọ́ Ṣ ɛ̀ ɔ́
```

Noto Sans kì í ṣe fọ́ǹtì afíìṣì náà gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa gbogbo ìlà rẹ́ dípò kí n pa ìdajì, torí fọ́ǹtì méjì lórí ìlà kan ń pariwo, àmọ́ tí odidi ìlà bá yàtọ̀ díẹ̀, ojú á rò pé bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Fún ìwọ̀n rẹ̀, mo kọ "décembre" ní ìdajì ìríran lé orí décembre tó wà lórí ìlà ọjọ́, mo ń yí nọ́ńbà ìwọ̀n títí gíga wọn fi dọ́gba, mo wá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ mo kọ ti Àkàbà Ìdẹ̀nà pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Àwọ̀ rẹ̀, mi ò lo funfun gbáú, mo sún fótò náà mọ́ ojú, mo mú un láti àárín ibi tó sanra lára S inú Samedi, kì í ṣe láti etí. Lẹ́tà tuntun ṣì mú ju ti àtijọ́ lọ, ó ń dán bí owó ẹyọ tuntun, mo wá dín ìríran rẹ̀ kù sí 90, ó fara balẹ̀.

Ẹ̀kọ́ 4000 sẹ́fà wà lára mi, nítorí náà mo dán an wò kí n tó fi ránṣẹ́. Mo tẹ iná fóònù sókè pátá, mo pa ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ òfeefèé alẹ́ yẹn, mo wá ṣí i nínú Snapseed, mo fa kọ́ńtírásì dé òpin, ó burú lójú, àmọ́ ohun tó bá farapamọ́ á jáde síta. Bí mo ṣe ṣe é fún iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi tí wọ́n ti tẹ̀, àpótí méjì ló fò jáde bí fèrèsé. Nínú èyí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló hàn, ibi tí òfìfo méjì ti pàdé, mo jáde láìtọ́jú rẹ̀, mo fi ìpàbàwọ́n fọwọ́ kan ìlà yẹn díẹ̀díẹ̀, mo tún un wò, ó ti lọ.

Kí n sọ ọ́ síbí, ẹnì kan wá bá mi lẹ́yìn tó rí iṣẹ́ yìí, ó gbé ìwé ẹ̀rí kan wá, ó ní kí n bá òun yí ọdún rẹ̀ padà. Mo ní ẹ̀gbọ́n, afíìṣì lèmi ń ṣe, ẹ máa lọ ilé yín. Ẹlòmíràn gbé fótò wá tí ọ̀rọ̀ wà lórí aṣọ àǹkárá ènìyàn, ìyẹn gan-an mo lè ṣe é ní ti ẹ̀tọ́, àmọ́ mi ò lè ṣe é ní ti ọgbọ́n, kò sí òfìfo tí mo máa gé, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ń yí ní gbogbo ọ̀nà. Mo fi bẹ́líìtì aláwọ̀ kan gba ìbú fótò náà kọjá, mo kọ ọ̀rọ̀ tuntun sórí rẹ̀, kò díbọ́n rárá, ó sì wu ú.

Mo fi afíìṣì ránṣẹ́ sí Tàǹtí bíi dókúmẹ́ǹtì. Wọ́n pè mí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ní ó dáa, ó dáa gan-an ni, àwọn ò tiẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọlé sí, àmọ́ ọmọ mi, pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni, aago mẹ́wàá yẹn ti di mọ́kànlá. Ọkàn mi kọ́kọ́ já. Mo wo ìlà aago: 10h. Mi ò lè lo 1 tí mo ní nílẹ̀, ìlà òkè ló ti wá, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú jù. Àmọ́ 1 kan wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 0 gan-an. Mo ní Tàǹtí, ẹ má tíì gbé fóònù sílẹ̀.